Bí a ṣe ń ṣírò ọdún tí mọ́tò iná tuntun yóò fi pa owó ara rẹ̀ padà nínú ilé ọlọ

Ká mú mọ́tò tó ń yí fáànù tí ń fa eruku ìyẹ̀fun jáde. Kílówáàtì 30 ni wọ́n kọ sí àwo ara rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6,000 lọ́dún. Nínú iná 100 tó bá wọ mọ́tò àtijọ́ yìí, 90 ló ń di iṣẹ́. Ti tuntun jẹ́ 93.6.

Ẹ má fi 30 orí àwo ṣírò. Ohun tí mọ́tò lè ṣe ni àwo ń sọ, kì í sọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wọn iná tó ń wọlé fún odidi ṣíìfù kan, kí ẹ sì fi mítà tí ń ka kílówáàtì wọ̀n ọ́n. Mítà áńpìà kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, áńpìà kì í wálẹ̀ tó bó ṣe yẹ, á sì tàn yín jẹ. Bí mítà kílówáàtì kò bá sí, ẹ so mítà iná lásán mọ́ ojú wáyà mọ́tò náà nìkan, kí ẹ fi wákàtí pín yúnìtì tó kà.

Ká ní ó ka 23.3. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó ń ṣe jẹ́ 23.3 × 0.90 = 21. Mọ́tò tuntun yóò gba 21 ÷ 0.936 = 22.4. Èrè jẹ́ kílówáàtì 0.9, ìyẹn yúnìtì 5,400 lọ́dún.

Ibi tí èrè ti ń sọnù nìyí. Mọ́tò tuntun sábà máa ń yára ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀. Bí àtijọ́ bá ń yí ní ìgbà 1,465 ní ìṣẹ́jú kan, tí tuntun sì ń yí ní 1,480, ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá fi ìdá 1 nínú 100 yára sí i, iná tó ń jẹ á fi bí ìdá 3 lé sí i. 21 á di 21.65, iná tó ń wọlé á di 23.1. Èrè kù sí 0.2, yúnìtì 1,200 péré!

Nítorí náà, ẹ ka yíyí fáànù kí ẹ tó tú mọ́tò àtijọ́, kí ẹ sì dín púlì orí mọ́tò kù kí fáànù lè padà sí iye yẹn. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 200 á di 198. Ojú ibi tí bẹ́líìtì jókòó sí ni kí wọ́n gé wálẹ̀; gígé etí òde nìkan kò yí nǹkan kan padà.

Owó wá kù. Ẹ ro iye mọ́tò, púlì àti owó iṣẹ́ pọ̀, kí ẹ wo iye yúnìtì iná tí owó náà lè rà. Bó bá jẹ́ 10,800, 10,800 ÷ 5,400 jẹ́ ọdún 2. Láìtún púlì ṣe, ọdún 9 ni.

Bí mọ́tò àtijọ́ bá ti jó, ẹ kọ́kọ́ yọ owó tí ẹ ìbá fi tún wáyà inú rẹ̀ wé kúrò. Bí ìyẹn bá tó yúnìtì 5,400, ọdún 1 péré ni owó tó kù yóò gbà.