Kẹtamíìnì fún ọmọdé: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí kò yẹ kí a máa ṣe

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 6 kan jábọ́ lórí igi máńgòrò, egungun apá rẹ̀ ṣẹ́ láàárín ìgúnpá àti ọrùn-ọwọ́, apá náà sì wọ́. Kò sí ọmọ tí yóò jókòó jẹ́ẹ́ kí ènìyàn máa fa egungun tó ti ṣẹ́, nítorí náà a ní láti kùn ún lóorun kí a tó tò ó. Kẹtamíìnì ni oògùn tó wà lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Dókítà, èló ni kí n fà?" Mo dá a lóhùn pé, "2.7 mílílítà." Ó fa 2.7 mílílítà gẹ́lẹ́. Nígbà tó ń gbé sìríǹjì bọ̀ ni mo rí i pé inú ìgò tí a kò tíì po omi mọ́ ló ti fà á. Oògùn tó wà nínú sìríǹjì yẹn jẹ́ ìlọ́po márùn-ún èyí tó tọ́ sí ọmọ náà.

Ẹ̀bi nọ́ọ̀sì kọ́, ẹ̀bi èmi tí mo dárúkọ mílílítà ni. Ìgò kẹtamíìnì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí a sábà máa ń rí níbí ní 50 mílígíráàmù nínú mílílítà kan, àmọ́ èyí tó ní 10 wà, èyí tó ní 100 náà sì wà. Ẹni tó bá ń fi mílílítà pàṣẹ kò tíì sọ iye oògùn tó fẹ́, omi lásán ló ń wọ̀n. Bí ó ṣe yẹ kí n ti ṣe é nìyí. Ọmọ náà wọn kílò 18 lórí ìwọ̀n. Fún abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, mílígíráàmù 1 sí 1.5 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ lo 1.5. Ìlọ́po 18 nínú 1.5 jẹ́ 27, nítorí náà oògùn tó kàn án jẹ́ 27 mílígíráàmù. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá po oògùn: mílílítà kan láti inú ìgò oní-50, kí a fi omi abẹ́rẹ́ kún un títí yóò fi di mílílítà márùn-ún. Nísinsìnyí, mílílítà kọ̀ọ̀kan ní 10 mílígíráàmù, 27 mílígíráàmù sì di 2.7 mílílítà. Kí a kọ "kẹtamíìnì, 10 mílígíráàmù nínú mílílítà kan" sára sìríǹjì náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé e. Kí ẹni kejì ka ìgò, kí ó ka sìríǹjì, kí ó sì pe iye náà sókè kí a tó gún un.

Mo ní ọmọ náà wọn kílò 18 lórí ìwọ̀n. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé yóò tó 25. Bí a bá ti gbọ́ tirẹ̀, oògùn tí a ó fún ọmọ náà yóò lé ní mílígíráàmù 2 fún kílò kan. Bí ìwọ̀n bá wà ní ilé ìwòsàn, ẹ má fojú díwọ̀n ọmọ, pàápàá ọmọ tí kò jẹun kánú tàbí èyí tó sanra ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe wa ni orúkọ rere tí kẹtamíìnì ní. Òótọ́ ni pé kì í sábà dá èémí dúró, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ bí àwọn oògùn oorun mìíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ ṣaláìsí. Nítorí èyí, a máa ń gbójú kúrò lára ọmọ. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń tì í wọ iṣan ní wàrà. Bí ó bá yára wọlé, ọmọ lè dákẹ́ èémí fún ìgbà díẹ̀. Ó kéré tán, ẹ lo ìdajì ìṣẹ́jú, kí ó sì tó ìṣẹ́jú kan bí ó bá ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà. Àṣìṣe tó kàn nìyí, ojú ló sì ń tan wá. Oorun kẹtamíìnì kò jọ oorun gidi. Ojú ọmọ yóò là sílẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó lè gbé ẹsẹ̀, ó lè kùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé kò tíì sùn, yóò sì fi oògùn kún un. Oògùn yìí ya ọpọlọ nípa sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára. Bí ọmọ bá ti dé ibẹ̀, ó ti dé náà nìyẹn. Àfikún kò ní mú oorun náà jinlẹ̀ sí i, yóò kàn mú un pẹ́ ni. Ohun tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a fọwọ́ tẹ ibi tó ń dùn ún díẹ̀. Bí kò bá fa apá rẹ̀ sẹ́yìn, tí kò sì na ọwọ́ kejì láti tì wá, kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá fà á, tí ìṣẹ́jú méjì sì ti kọjá, ìdajì mílígíráàmù fún kílò kan tó láti fi kún un: 9 mílígíráàmù fún ọmọ wa yìí, ìyẹn 0.9 mílílítà. Àwọn tó ń bẹ̀rù, tí wọ́n ń fi ìdajì yẹn bẹ̀rẹ̀, náà kò ṣe ọmọ lóore. Ọmọ yóò wà ní agbedeméjì, ẹ̀rù yóò bà á, kò sì ní mọ ibi tó wà.

Bí a kò bá rí iṣan, a lè gún un sí itan, mílígíráàmù 4 fún kílò kan. Fún kílò 18, ó jẹ́ 72 mílígíráàmù, ìyẹn nǹkan bí 1.4 mílílítà láti inú ìgò oní-50 tí a kò po. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò fi mú un. Ẹ má tún un gún kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, torí àìnísùúrù níbi yìí máa ń sọ oorun kan di méjì.

Ní báyìí, ta ló ń wo ọmọ náà? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi àwọn dókítà kékeré, ìdáhùn tí mo sì ń gbọ́ jù ni "Gbogbo wa ni." Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ń fa apá ń wo apá. Ẹni tó ń po píópì tí a ó fi de apá náà ń wo píópì. Ó gbọ́dọ̀ ku ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó dúró níbi orí ọmọ, kí ó máa wo àyà rẹ̀ bí ó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì máa kọ èémí, ìlù ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ́síjìn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ báàgì èémí lò, èyí tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti ti afẹ́fẹ́ sí àyà ọmọ. Kí báàgì tó bá ọmọdé mu, ìbòmú tó ṣe wẹ́kú, ọ́síjìn àti ẹ̀rọ tí ń fa itọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a sì ti dán wọn wò kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.

Ẹ̀rọ tí a ń fi sí ìka, èyí tó ń ka SpO2, ìyẹn iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kò lè gba iṣẹ́ ẹni yẹn ṣe. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀: bí ọmọ bá ń gba ọ́síjìn, èémí lè ti dúró fún ìgbà díẹ̀ kí iye náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Làálì dúdú àti àwọ̀ tí a fi kun èékánná lè dà á rú, a sì ti rí i pé ó máa ń ka iye tó ga díẹ̀ ju òótọ́ lọ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ má sì fi sí apá kan náà tí a wé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, torí gbogbo ìgbà tó bá fún apá ni yóò dákẹ́.

Ohun tí ẹni náà ń ṣọ́ jù ni kí tán-án-ná ọ̀fun má pa dé. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ọmọ mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kan, ó sì máa ń rọrùn láti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ náà bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí ọ̀fìnkìn lọ ná. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ gba kẹtamíìnì lọ́nà yìí rárá. Bí tán-án-ná bá pa dé, ẹ ó rí i pé àyà ń sapá, ikùn ń yọ bí àyà ṣe ń wọlé, àmọ́ afẹ́fẹ́ kò kọjá. Ẹ lè gbọ́ ohùn tínrín bíi ti àkùkọ kékeré, tàbí kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan, èyí tó burú jù. Ẹ fi apá náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fa itọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn etí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi. Ẹ de ìbòmú mọ́ ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi báàgì ti ọ́síjìn sí i jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kí ó jò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tú. Bí kò bá tú, oògùn tí ń dẹ iṣan ẹran ara ló kù, ọwọ́ ẹni tó lè fi rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun sì nìkan ló yẹ ẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí nítòsí, ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti mí kanlẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì kan tí omi gbígbóná bó lára, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ojú egbò rẹ̀ tán. Ìyá rẹ̀ ti pọ̀n ọ́n, ó ti so ọ̀já, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Orí ọmọ ti wó síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ọrùn ká, ètè rẹ̀ sì ti ń ṣú. A sọ ọ́ kalẹ̀, a gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó mí. Ìyá náà kò ṣe ohun burúkú kan, a kò sọ fún un ni. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì dá kò ṣeé pọ̀n, kò sì ṣeé gbé jókòó. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, torí nǹkan bí ọmọ mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò bì, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń bì bí wọ́n ṣe ń jí. Kí ẹ̀rọ wà lára ìka rẹ̀ títí, kí ibẹ̀ dákẹ́, kí a má gbá a létí tàbí pariwo orúkọ rẹ̀ láti jí i. Igbe àti ìbẹ̀rù tó máa ń bá jíjí wá lè pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tó jábọ́ lórí máńgòrò gba 27 mílígíráàmù rẹ̀ láti inú sìríǹjì tuntun ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́fà, apá ti tò, píópì ti gan. Ó bì lẹ́ẹ̀kan. A kò jẹ́ kó lọ títí ó fi mọ ìyá rẹ̀, tó dárúkọ ara rẹ̀, tó sì rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà láìta gọ́ọ́gọ́ọ́, ìyẹn sì di aago méje kọjá. A sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó má jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn tàbí kẹ̀kẹ́ títí di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì dá a padà kíá bí ìka rẹ̀ bá wú tàbí tó ṣú.