Bí a ṣe ń yí èlé ọdọọdún padà sí èlé tí kì í dúró

Ká ní ẹ yá oníṣòwò aṣọ kan ní Balógun ní ₦500,000, tí ẹ jọ fẹnu kò pé bó bá pé ọdún kan, ₦600,000 ni yóò dá padà. Èlé ọdọọdún 20% nìyẹn. Nígbà tó di oṣù keje, ó ní òun ti rówó, òun fẹ́ san gbogbo rẹ̀. Èló ni kó kó wá?

Èlé orí èlé tí kì í dúró ló máa ń yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí kò sí ìgbà kankan tí èlé kì í gun orí owó. Ohun tí a fi ń ṣe é rèé. e ni nọ́ńbà kan tó súnmọ́ 2.718, r ni èlé tí kì í dúró, t sì ni iye ọdún:

```
owó × e^(r × t)
```

Àmọ́ ẹ má tíì fi 0.20 sípò r o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. 20% yẹn ni gbogbo èrè ọdún náà lápapọ̀, èlé orí èlé ti wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tún gbé e fún e, yóò gun orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: e^0.20 jẹ́ 1.2214, owó ọdún kan á wá di ₦610,701. Ta ló bá yín ṣàdéhùn ₦10,701 tó lé yẹn? Èyí tó kéré sí i ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá:

```
r = ln(1.20) = 0.182322
```

Ẹ wo bọ́tìnì dáadáa. ln ni, kì í ṣe log. Orí mẹ́wàá ni log ń ṣiṣẹ́, 0.0792 ni yóò fún yín. Èsì tó tọ́ máa ń fi díẹ̀ kéré sí èlé ọdọọdún. Tó bá ti já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, log lẹ tẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kakulétọ̀, EXP náà kì í ṣe e, mẹ́wàá ló ń gbé ga. Ẹ kọ́kọ́ dán e^1 wò: tí kò bá fún yín ní 2.718, ẹ wá bọ́tìnì mìíràn. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra kakulétọ̀ olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ fóònù ní e^x àti ln, ẹ ṣáà gbé e ní ìbú.

Ó kù díẹ̀. Oṣù méje jẹ́ 7/12 ọdún. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.182322, ẹ ó rí 0.106354, e^0.106354 jẹ́ 1.112216. ₦556,108 ni kó kó wá. Nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá ni kí ẹ máa dì mú. Tí ẹ bá gé r sí 0.1823, ₦7 á ti sọnù.

Àwọn kan á kàn pín 20% sí oṣù, wọ́n á pe ₦558,333. Ẹni tó yáni lówó ni ìyẹn ṣe lóore, torí náà kí ẹ ti sọ èyí tí ẹ máa lò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé èlé tí kì í dúró ni wọ́n pè fún yín, bíi 18%, ẹ yí i padà: e^0.18 − 1, ó di 19.72% lọ́dún. Lórí ₦500,000, ₦598,609 nìyẹn. Ẹni tó bá ń ka 18% kan náà lójoojúmọ́ á gba ₦598,582.