Bí Ìyókù Oṣù Kejìlá Kò Bá Di Òdo: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Asáínmẹ́ǹtì Gbèsè ní Excel

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà wa ní Yábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Asáínmẹ́ǹtì tí wọ́n fún un kò le lójú. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Balógun ní Èkó yá ₦1,200,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, oṣù méjìlá ni yóò fi san án, iye kan náà ni yóò sì máa san lóṣooṣù. Kí wọ́n ṣe tábìlì ìsanpadà, kí wọ́n fi fọ́múlà ṣe é, kí wọ́n sì fi ṣáàtì kan ṣàkópọ̀ rẹ̀.

Oṣù kìíní nínú tábìlì rẹ̀ dára. Ní oṣù kejì, èlé nìkan ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ní oṣù kẹta, àmì ##### ló kún inú àpótí, nígbà tí a sì fa òpó náà gbòòrò, èlé tí ìyá yìí jẹ lóṣù kan ṣoṣo lé ní bílíọ̀nù mọ́kàndínlógún. Oṣù kẹrin, èlé di òdo. Láti oṣù karùn-ún lọ, #VALUE! ló tò sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti àná ni mo ti ń tún un tẹ̀, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í."

Àpótí kan ṣoṣo ló ti ṣì í. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi bí tábìlì náà ṣe yẹ kó rí hàn. Gbèsè wà ní B1, èlé ọdún ní B2, iye oṣù ní B3, iye sísan lóṣù ní B4. Ìlà kẹfà ni àkọlé: Oṣù, Gbèsè, Sísan, Èlé, Ojú owó, Ìyókù. Oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ìlà keje, oṣù kejìlá sì parí sí ìlà kejìdínlógún.

```
B4: =-PMT(B2/12,B3,B1)
B7: =B1
C7: =$B$4
D7: =B7*$B$2/12
E7: =C7-D7
F7: =B7-E7
B8: =F7
```

Ẹ ó fa C7 dé F7 sílẹ̀ dé ìlà kejìdínlógún, ẹ ó sì fa B8 náà sílẹ̀. Iye sísan á jẹ́ ₦113,471.52. Ní oṣù kìíní, ₦24,000 nínú rẹ̀ jẹ́ èlé, ₦89,471.52 yóò sì dín ojú owó kù, ìyókù á wá di ₦1,110,528.48. Èlé oṣù kejì á bọ́ sí ₦22,210.57 nítorí pé gbèsè ti kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí F18 yóò fi di òdo.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí kọ sí D7 ni =B7*B2/12, kò sí àmì dọ́là. Ní oṣù kìíní, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ kò fi rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa fọ́múlà sílẹ̀ ní Excel, gbogbo àpótí tí kò ní àmì dọ́là ló máa bá a sọ̀kalẹ̀. Ní oṣù kejì, B2 di B3. Kí ló wà ní B3? Iye oṣù, 12. Nítorí náà, ó sọ gbèsè di ìlọ́po 12, ó tún pín in sí 12, ó wá pe odindi gbèsè ní èlé. Ní oṣù kẹta, ó dé B4, ó fi ₦113,471.52 sọ gbèsè di púpọ̀, ibẹ̀ ni bílíọ̀nù ti wá. Ní oṣù kẹrin, ó dé B5 tó ṣófo, èlé di òdo. Ní oṣù karùn-ún, ó dé B6, níbi tí ọ̀rọ̀ "Gbèsè" wà, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ sọ owó di púpọ̀, ló bá pariwo #VALUE!.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún báyìí nítorí pé àwọn ọmọ tó ń kó irú iṣẹ́ yìí wá láti Akòkà àti Ṣùúrùlérè, púpọ̀ wọn ló máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ lọ sí àpótí tó kọ́kọ́ ya bàrá, ẹ tẹ F2, Excel á fi àwọ̀ yí àwọn àpótí tí fọ́múlà náà ń kà ká. Bí àwọ̀ bá yí B3 ká níbi tó yẹ kó yí B2 ká, ẹ ti mú olè. Ẹ padà sí D7, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí B2 nínú fọ́múlà, ẹ tẹ F4, àmì dọ́là á wọlé. Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ló jẹ́ pé F4 ló ń dín ohùn tàbí iná kù níbẹ̀. Ẹ di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún un fà sílẹ̀.

Ẹ má sì tẹ N síwájú owó ní B1. "N1,200,000" tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ lójú Excel, á fẹ̀gbẹ́ ti apá òsì àpótí, B4 á sì fún yín ní #VALUE!. Nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ wá mú àmì náírà láti Format Cells. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú PMT náà, ẹ má yọ ọ́. Owó tó ń jáde lọ́wọ́ ayágbèsè ni PMT máa ń kà, ó sì máa ń kọ ọ́ ní iye abẹ́ òdo. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbèsè á máa wú dípò kó máa dín kù, oṣù kìíní nìkan á ti gbé e dé ₦1,337,471.52.

Àṣìṣe tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ẹni tó fi ọwọ́ tẹ òdo sí F18. Ẹlòmíràn á fi fóònù ṣírò iye sísan, á gé e sí ₦113,000, á sì tẹ̀ ẹ́ sí B4 bí ẹni tẹ nọ́ńbà lásán. Lóṣù kejìlá, ₦6,324 á ṣẹ́kù, á wá fi òdo bò ó mọ́lẹ̀. Olùkọ́ yóò tẹ àpótí náà lẹ́ẹ̀kan, yóò rí i pé kò sí fọ́múlà níbẹ̀. Kódà bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ó lè yí èlé padà láti wò bóyá tábìlì náà wà láàyè, nọ́ńbà tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ kò sì ní mì. Bí ó bá jẹ́ -0.00 ni F18 fi hàn yín, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ìdá kékeré tí kọ̀ǹpútà kò lè kọ tán ni. Ẹ fi ROUND sí i, kó dúró sí kọ́bọ̀:

```
F18: =ROUND(B18-E18,2)
```

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé òdo nìkan, nítorí àṣìṣe méjì wà tó máa ń kọjá níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú un. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbàgbé láti fi 12 pín èlé ọdún, ní B4 àti ní D7 papọ̀. F18 á di òdo rèǹtè-rente, ṣùgbọ́n iye sísan á lé ní ₦311,500 lóṣù. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ pín gbèsè sí oṣù: ₦1,200,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦100,000. Ẹ fi èlé oṣù kìíní, ₦24,000, lé e. Iye sísan tó tọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ₦100,000 sí ₦124,000. Bí ó bá jáde síta ibẹ̀, ẹ padà lọ wo B4.

Èkejì ni èlé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n láti ilé, nítorí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbà ṣírò èlé ni pé kí wọ́n ka èlé lórí gbogbo owó tí wọ́n yá ọ títí dé ìparí, bí o tilẹ̀ ti san ìdajì. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ =$B$1*$B$2/12 sí D7. Bí ó bá fi ₦124,000 ṣe iye sísan, F18 á di òdo, ṣùgbọ́n àròpọ̀ èlé á jẹ́ ₦288,000. Lórí gbèsè tó ń dín kù, tó jẹ́ ohun tí asáínmẹ́ǹtì yìí béèrè, àròpọ̀ èlé jẹ́ ₦161,658.19. Ìyàtọ̀ náà ju ₦126,000 lọ, owó tó tó ra aṣọ tí ìyá yìí á tún tà. Ẹ wo òpó D: bí nọ́ńbà kan náà bá tò láti òkè dé ilẹ̀, èlé alájẹṣẹ́kù lẹ fi ṣe é. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ₦24,000, kó sì parí sí ₦2,224.93.

Ó ku ṣáàtì. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ṣà gbogbo tábìlì láti A6 dé F18, ó sì tẹ Insert. Excel ya nọ́ńbà oṣù, 1 sí 12, bí ẹni pé owó ni wọ́n, Gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù sì tẹ èlé mọ́lẹ̀ tí a kò fi rí i mọ́. Ìbéèrè tí ṣáàtì yẹ kó dáhùn ni pé, nínú owó tí ìyá náà ń san lóṣù, èló ló ń lọ sí èlé, èló ló ń dín gbèsè kù? Òpó D àti E nìkan ló dáhùn ìyẹn. Ẹ ṣà D6 dé E18, ẹ mú Stacked Column, ẹ wá lọ sí Select Data kí ẹ fi A7 dé A18 ṣe orúkọ oṣù nísàlẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn irú ṣáàtì yìí ni pé òun náà ń yẹ iṣẹ́ yín wò. Gbogbo ọ̀pá méjèèjìlá gbọ́dọ̀ ga bákan náà, ní ₦113,471.52, kí apá èlé máa tín-ín-rín bí oṣù ti ń lọ. Bí ọ̀pá kan bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, fọ́múlà kan ti ṣì. Bí ọ̀pá kẹtàlá bá sì yọrí ní ìparí, tó ga tó ìlọ́po méjìlá, ìlà àròpọ̀ lẹ ṣà mọ́ ọn. Ẹ kọ "Náírà" sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Excel kò mọ̀ pé owó ni.

Nígbà tí a parí, mo ní kó yí B2 sí 30% bí olùkọ́ yóò ti ṣe é. Sísan oṣù fò lọ sí ₦116,984.55, gbogbo ọ̀pá ga díẹ̀ sí i pa pọ̀, apá èlé nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, F18 sì dúró sí òdo.