Ẹsẹ̀ Tó Wú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Kò Fẹ́ Omi Gbígbóná: Ìtọ́sọ́nà fún Aláró àti Gbogbo Ẹni Tó Ń Dúró Ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta

Ohun tó fa ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ìyá aláró kan ní Ìtòkú, tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dúró ti ìkòkò aró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Nígbà tó délé, ó bu omi gbígbóná sínú bàsíà, ó da iyọ̀ sí i, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé awọ ẹsẹ̀ ti ń bó. Ìyá fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n lára, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń mú kí ẹsẹ̀ kú débi pé iná lè jó o kéèyàn má mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní àtọ̀gbẹ náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí à ń bá pàdé ní Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́: wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kọ́ sílẹ̀ nínú omi gbígbóná. A ti sọ ọ́ títí, síbẹ̀ omi ṣì ń hó lórí iná.

Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Béèyàn bá ń rìn, ẹran yìí á máa fún òpójẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gòkè. Béèyàn bá dúró gbári sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sísàlẹ̀, omi ara á máa jò sínú ẹran, kókósẹ̀ á sì wú. Omi gbígbóná tún ń mú òpójẹ̀ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i níbi tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ara á tù yín fúngbà díẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò ní fà.

Ohun tí ẹ ó ṣe bí ẹ bá délé nìyí. Ẹ fi omi tútù lásán ṣan ẹsẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Kì í ṣe omi yìnyín. Lẹ́yìn náà kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìrọ̀rí 2 tàbí 3, tàbí kí ẹ gbé wọn ti ògiri, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju àyà lọ. Àwọn kan á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n á ní àwọn ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyẹn ò tó. Ẹni tí mímí máa ń ṣòro fún bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí kó tó rí dókítà.

Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹran ẹ̀yìn ojúgun ṣiṣẹ́. Aláró ò nílò àkókò ọ̀tọ̀ fún un: ẹ ṣáà máa ń ri aṣọ sínú aró, ẹ ó gbé e jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ ó tún rì í. Nígbàkígbà tí aṣọ bá wà níta, ẹ di nǹkan tó dúró ṣinṣin mú, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 20 ni. Ẹni tó ń tajà tàbí tó ń dín gààrí lórí ìdúró lè máa ṣe é ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra. Ẹ tún gbé búlọ́ọ̀kù tí kò ga ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ sítòsí, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn máa ń dín ìrora ẹ̀yìn kù pẹ̀lú.

Ní ti bàtà, sílípáàsì tó ti jẹ pẹlẹbẹ kì í ṣe bàtà iṣẹ́ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ra bàtà, torí ìgbà náà lẹsẹ̀ máa ń tóbi jù.

Kí ẹ tó kúrò lórí ibùsùn láàárọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣì jin kòtò lẹ́yìn oorun òru, kì í ṣe ìdúró nìkan ló fà á. Ó lè jẹ́ ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Aboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, tí orí sì ń fọ́ ọ, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú òpójẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi ìpara ra á, ẹ má ní kí ọmọ gun orí rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, tàbí èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín, ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá bí èémí bá ti ń há tàbí àyà bá ń dùn.