Ìgbà wo nìyí? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ki ìtàn àtẹ̀yìnwá bọ inú ìran

Ẹ wo ìran yìí, ní ìsọ̀ aláṣọ kan ní Ọjà Ọba, Òṣogbo:

"Àdùnní gbé àdìrẹ náà sókè. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ sínú aró lẹ́yìnkùlé. Ó ń kọrin. Ó bú sẹ́kún. Oníbàárà béèrè iye rẹ̀."

Ta ló bú sẹ́kún? Ṣé ìyá ṣì wà láyé? Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ìyá ti lọ tipẹ́, òǹkàwé kò mọ̀. "Ń kọrin" lè jẹ́ ti ìsinsìnyí, ó sì lè jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. "Ó" náà kò ya ìyá sọ́tọ̀ lára ọmọ. Nítorí náà, má ṣe fi àsìkò sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Sọ ìgbà náà jáde ní gbólóhùn àkọ́kọ́.

Àwọn kan á wá fi "ti" há gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe: ó ti jí, ó ti pọnmi, ó ti po aró. Ìyẹn dà bí ẹni ń ka iṣẹ́ tó parí, kò sì gbé wa padà síbì kankan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó lẹ́nu ọ̀nà. Báyìí ni mo ṣe tún un kọ:

"Àdùnní gbé àdìrẹ náà sókè, òórùn aró sì gba imú rẹ̀. Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún méje, nígbà tí ìyá rẹ̀ ti to ìkòkò aró mẹ́ta sẹ́yìnkùlé. Ìyá ń kọrin bó ṣe ń rẹ aṣọ. 'Àjọkẹ́, wá di etí aṣọ yìí mú.' Ọwọ́ àwọn méjèèjì dúdú títí dé ìgúnpá.

'Ìyá Báyọ̀, èló ni ẹ̀ ń ta eléyìí?' Oníbàárà ti na ọwọ́ sí àdìrẹ náà. Àdùnní fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú."

Àdìrẹ ló ṣílẹ̀kùn, òun náà ló tì í. Orúkọ tún ràn wá lọ́wọ́ gidigidi: oríkì ni ìyá fi pe ọmọ rẹ̀, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe àgbàlagbà lọ́jà. Mo fẹ́ràn èyí ju kíkọ "ó padà sí ìsinsìnyí" lọ.

Má sì jẹ́ kí oníbàárà béèrè iye kí ìrántí tó bẹ̀rẹ̀, kí ó wá dúró ojú ìwé mẹ́ta kí ó tó gbọ́ èsì. Òǹkàwé á ti gbàgbé ìbéèrè náà.

Lẹ́yìn náà, ka ọjọ́ orí. Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bí ọjà yìí bá jẹ́ ti ọdún 2025, Àdùnní kò lè dín ní ẹni 40 ọdún. Bí o bá pè é ní ọmọge ọdún 28, àwọn ará Òṣogbo ni yóò kọ́kọ́ rí i.