Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣírò rísíìtì tí máàkì rẹ̀ kò lè kọjá 50

Ẹni tó ń ṣe másítàsì ní ìlú ọba, tó wá féèlì kọ́ọ̀sì kan, á gba lẹ́tà pé kó wá tún un ṣe, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní rísíìtì. Gbólóhùn kan máa ń wà nínú lẹ́tà náà tí ojú sábà máa ń fò dá: máàkì rísíìtì kò ní ju máàkì àṣeyege lọ. Fún másítàsì, 50 ni ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀. Fún dìgírì àkọ́kọ́, 40 ni. Èèyàn ì báà gba 51, ì báà gba 93, 50 ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún un. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé òfin yìí yé òun, títí dìgbà tí wọ́n bá mú fóònù tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣírò èsì àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ká fi ṣe é. Másítàsì rẹ̀ jẹ́ kírẹ́díìtì 180: kọ́ọ̀sì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kírẹ́díìtì 20, àti pírójẹ́ẹ̀tì tó ní 60. Ó gba 66, 64, 61, 58 àti 63 nínú kọ́ọ̀sì márùn-ún. Ìkẹfà ló bà á lọ́wọ́ jẹ́. Ásáínmẹ́ǹtì ibẹ̀ kó 40% máàkì, ó sì gba 56 nínú rẹ̀. Ìdánwò kó 60%, ó gba 26. Ẹ fi 56 ṣe ìlọ́po 0.4, ó di 22.4. Ẹ fi 26 ṣe ìlọ́po 0.6, ó di 15.6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 38. Ó féèlì. Mẹ́rììtì ló sì ń wá, ìyẹn àròpín 60.

Ẹ má ṣe fi máàkì tí ẹ gbà ṣírò

Ní oṣù kẹjọ, ó tún ìdánwò náà ṣe, ó gba 70. Ayọ̀ ńlá. Ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o, kọ́ọ̀sì yẹn ti di 64!" Lóòótọ́, 22.4 pẹ̀lú 42 jẹ́ 64.4. Ó wá ṣírò ohun tó kù: kí àròpín kírẹ́díìtì 180 tó jẹ́ 60, àpapọ̀ gbọ́dọ̀ dé 10800. Kọ́ọ̀sì márùn-ún tó yege ti fún un ní 6240. Ó fi 64 lọ́nà 20 kún un, ó di 7520. Èyí tó kù jẹ́ 3280. Ó pín in sí 60, ó rí 54.67. Ó ní tóun bá ti gba 55 nínú pírójẹ́ẹ̀tì, Mẹ́rììtì ti wọlé. Ó gba 56, ó sì jókòó ti èsì pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Ẹ wá wo bí yunifásítì ṣe ṣírò tiwọn. Kọ́ọ̀sì kẹfà jẹ́ 50, kì í ṣe 64. Àpapọ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá jẹ́ 7240. Ẹ fi 56 lọ́nà 60 kún un, ó di 10600. Ẹ pín in sí 180, ó jẹ́ 58.89. Páàsì ni. Ohun tó yẹ kó wá nínú pírójẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni 59.33, tó túmọ̀ sí 60 gan-an, nítorí máàkì pírójẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ odidi.

Ohun tó dùn mí jù nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni pé kò yẹ kó dúró de èsì rísíìtì rárá kó tó ṣe ìṣírò yìí. Láti ọjọ́ tó ti gba 38 ni a ti mọ ohun tí rísíìtì náà lè fi kún àròpín rẹ̀:

```
(50 - 38) * 20 / 180 = 1.33
```

Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo òru tó fi kàwé kó lè gba 70 dípò 55 kò fi nǹkan kan kún un. Máàkì kan nínú pírójẹ́ẹ̀tì, ní tirẹ̀, ń fi 0.33 kún àròpín. Tó bá gbé pírójẹ́ẹ̀tì láti 56 sí 60, èrè tó máa jẹ dọ́gba pẹ̀lú èrè rísíìtì látòkèdélẹ̀. Másítàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sì sábà máa ń fi rísíìtì àti pírójẹ́ẹ̀tì sí àárín oṣù kan náà. Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ fi 50 géérégé ṣe àfojúsùn o, nítorí 49 ti tún di wàhálà mìíràn. Ẹni tó bá múra bí ẹni tó fẹ́ gba 60 ti ní àyè tó tó. Ibi tí wákàtí tó kù yẹ kó lọ ni pírójẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má ṣe gbé òfin kàríófà wá síbí

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti kó àṣìṣe yìí wá ni ilé. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ní kàríófà á tún forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì náà, máàkì tó bá sì gbà ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, F àtijọ́ kì í kúrò nínú ìṣírò CGPA. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú yúnììtì rẹ̀. Ti ìlú ọba yàtọ̀ pátápátá: 50 dípò 38, kírẹ́díìtì 20 yẹn sì wọ ìṣírò lẹ́ẹ̀kan péré. Nítorí náà, bí àwọn kan ṣe ń retí 70 ni àwọn mìíràn ń ba ara wọn lẹ́rù, tí wọ́n ń pa 38 pọ̀ mọ́ 50, tí wọ́n ń pín in sí méjì, tí wọ́n ní kọ́ọ̀sì náà di 44. Ìyẹn á já àròpín wọn wálẹ̀ ní 0.67 lórí ìwé tiwọn nìkan.

Ẹ má ṣe rò pé ibì kan náà ni gbogbo yunifásítì ń fi ààlà sí

Èyí ló yẹ ká dúró lé lórí, torí pé òun ni àwọn tó tiẹ̀ mọ òfin dáadáa ṣì ń ṣì mú. Àwọn yunifásítì kan ń fi ààlà sórí odidi kọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn ń fi sórí apá tí èèyàn tún ṣe nìkan, yálà ìdánwò tàbí ásáínmẹ́ǹtì, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ bó ṣe wà.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí, bí ààlà bá wà lórí ìdánwò nìkan, 70 rẹ̀ á di 50, tí í ṣe 30 lẹ́yìn ìlọ́po. Ẹ fi 22.4 kún un, kọ́ọ̀sì náà jẹ́ 52.4. Ó sàn díẹ̀ ju 50 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹlòmíràn tó jẹ́ pé ásáínmẹ́ǹtì tirẹ̀ ló kó 60%, tó gba 72, tí ìdánwò rẹ̀ tó kó 40% sì bà jẹ́ pátápátá, ó gba 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 49.2. Bí ààlà bá wà lórí ìdánwò, rísíìtì á gbé kọ́ọ̀sì náà dé 63.2. Bí ó bá wà lórí odidi kọ́ọ̀sì, 50 ni. Máàkì 13.2 ló wà láàárín méjèèjì, ó sì tó 1.47 nínú àròpín àṣekágbá. Iye yẹn tó láti ya Mẹ́rììtì sọ́tọ̀ kúrò lára Páàsì.

Ààlà orí apá ní ọ̀fìn tirẹ̀ náà. Ká ní ásáínmẹ́ǹtì akẹ́kọ̀ọ́ wa jẹ́ 42 dípò 56, tó wá pinnu pé ìdánwò nìkan lòun máa tún ṣe. Ásáínmẹ́ǹtì fún un ní 16.8. Ìdánwò, bó ti wù kó ṣe dáadáa tó, kò lè fún un ju 30 lọ. Àpapọ̀ jẹ́ 46.8. Ó ti féèlì kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Apá méjèèjì tí kò tó 50 ló gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ẹ má ṣe béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe rísíìtì ní yunifásítì mìíràn. Ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó kọ́ọ̀sì yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé orí apá ni ààlà wà àbí orí odidi kọ́ọ̀sì, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe pín in bí ẹni pín àkàrà

Àwọn kan máa ń ro máàkì méjèèje pọ̀, wọ́n á pín in sí méje. Fún akẹ́kọ̀ọ́ wa, 66, 64, 61, 58, 63, 50 àti 56 jẹ́ 418. Pínpín sí méje, ó jẹ́ 59.71. Á ní wọ́n á sún òun sókè sí 60. Àròpín gidi jẹ́ 58.89, kò sì sí yunifásítì tó máa sún ìyẹn dé 60 nípa odidi tó súnmọ́ ọn jù. Pírójẹ́ẹ̀tì tó ní kírẹ́díìtì 60 kò lè rí bákan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì tó ní 20. Fún àwọn tó wà ní dìgírì àkọ́kọ́, ọdún kọ̀ọ̀kan tún ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọdún kìn-ín-ní kì í sábà wọ ìṣírò rárá, nítorí náà rísíìtì ọdún yẹn kì í fa kíláàsì wọn sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe sọ gbogbo ìdánwò oṣù kẹjọ di rísíìtì

Ẹni tó ṣàìsàn tàbí tó ṣọ̀fọ̀ nígbà ìdánwò, tó fi ẹ̀rí ránṣẹ́, tí wọ́n sì gbà á, lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí nínú gbọ̀ngàn kan náà. Àmọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n sún síwájú ni tirẹ̀, kì í ṣe rísíìtì. 70 tó bá gbà, 70 ni wọ́n máa kọ. Ẹni tí tirẹ̀ rí báyìí tó wá fi 50 ṣírò ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fi ìṣírò ara wọn ṣe àwòkọ.

Ẹ má ṣe gbára lé àánú ìgbìmọ̀ ìdánwò

Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń wo ẹni tó kù díẹ̀ kó wọ kíláàsì òkè, bíi ẹni tó wà ní 58 tàbí 59. Akẹ́kọ̀ọ́ wa pẹ̀lú 58.89 lè máa retí èyí. Àmọ́ wọ́n sábà máa ń béèrè iye kírẹ́díìtì tó wà ní 60 sókè. Ká ní ìdajì ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹn 90. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin péré ló ní níbẹ̀: 66, 64, 61 àti 63. Kírẹ́díìtì 80. Rísíìtì tó jẹ́ 50 kò lè wọ iye yẹn láé, bó tiẹ̀ gba 70 nínú ìdánwò. Àwọn yunifásítì kan tiẹ̀ wà tí kì í fún ẹni tó bá ti ṣe rísíìtì ní Dìsìtíǹṣọ̀n rárá, ohun yòówù kí àròpín rẹ̀ jẹ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa gba 60 nínú pírójẹ́ẹ̀tì ni, kírẹ́díìtì rẹ̀ á di 140, ṣùgbọ́n àròpín rẹ̀ náà á ti di 60.22, kò tún ní nílò kí ìgbìmọ̀ kankan wo ọ̀rọ̀ òun.