Bí mo ṣe ra adójútòfò fún ilé tí mo ń kọ́, àti bó ṣe rí nígbà tí olè wọ sáìtì

Búlọ́ọ̀kù ti dé ojú fèrèsé kí n tó wá adójútòfò fún ilé tí mo ń kọ́. Ó yẹ kí n ti ṣe é kí ẹrù àkọ́kọ́ tó já sílẹ̀. Nítorí pé mo pẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá wo iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ó ya fọ́tò gbogbo ògiri, ó sì kọ sílẹ̀ pé ohun tó bá ti bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn kò kan àwọn.

Adójútòfò “gbogbo ewu” ni wọ́n ń pe irú èyí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá ṣàdédé ba iṣẹ́ tàbí ohun èlò jẹ́, ìbáà jẹ́ iná, ìjì, àgbàrá tàbí olè, ó wà nínú rẹ̀, àfi èyí tí wọ́n bá dìídì kọ pé àwọn yọ sílẹ̀. Abala àwọn ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á. Bí àpẹẹrẹ, bí ayàwòrán ilé bá ṣe àṣìṣe tí òpó kan fi sán, wọn ò ní san owó àtitún òpó náà mọ́. Irin tó dípẹtà nítorí pé ó pẹ́ nínú òjò náà kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ ni iye owó tí a máa kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èmi àti agbaṣẹ́ṣe mi ti ṣàdéhùn pé èmi ni n óò máa ra irin, sìmẹ́ńtì, ilẹ̀kùn àti wáyà, òun á sì mú àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun èlò yòókù wá. Alárinà tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù mú iye tó wà nínú àdéhùn agbaṣẹ́ṣe, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó dúró ná. Bí a bá pín gbogbo iye tí ilé náà máa jẹ nígbà tó bá parí sí 100, ti agbaṣẹ́ṣe kò ju 60 lọ. 40 yòókù wà nínú ohun tí èmi fúnra mi ń rà.

Ó rò pé owó tí n óò san á wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ bí a bá kọ 100. Lóòótọ́ ló lé sí i. Àmọ́ nínú ìwé náà, gbólóhùn kan wà tó sọ pé bí iye tí mo kọ bá kéré sí iye tó yẹ, ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n máa fi dín owó òfò kù, bí òfò náà tiẹ̀ kéré. Iye tí wọ́n sì ń wò ni iye ilé tó ti parí pátápátá, kì í ṣe iye ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù. Mo kọ 100. Mo tún ní kí wọ́n fi orúkọ èmi àti ti agbaṣẹ́ṣe síbẹ̀ pọ̀, kó má baà di pé ẹnì kan nínú wa ń jà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà nítorí ohun ìní ẹnì kejì.

Ti olè ní àwọn ìlànà tirẹ̀. Ohun tó bá kéré tó sì níye lórí, bíi wáyà, gbọ́dọ̀ wà nínú sitọ́ọ̀ tó ní ágádágodo. Ọlọ́dẹ gbọ́dọ̀ wà ní sáìtì lóru. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ohun tí a kàn kà tí a sì rí i pé ó dín, láìsí àmì pé ẹnikẹ́ni jalè, wọn ò ní san án. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra ìwé ńlá kan fún fómànù: ohun tó wọlé, ọjọ́ tó wọlé, ohun tó jáde, àti ibi tí wọ́n lò ó sí.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n gé wáyà ọgbà lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì kó ọ̀pá irin 80 lọ. A ò fọwọ́ kan ibi tí wọ́n gé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ipa táyà ọkọ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀, mo pe ọlọ́pàá, mo sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí wọ́n rán wá wo òfò béèrè rìsíìtì irin, ìwé fómànù àti ìwé ọlọ́pàá. Ó fi ìwé fómànù wé iye irin tó ti wọ inú dẹ́kìn, ó sì gbà pé 80 náà péye.

Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ rèé. Nínú òfò olè kọ̀ọ̀kan, ìpín kan wà tí èmi ni n óò gbé e, ó sì tó owó ọ̀pá irin 8. Nítorí náà, wọ́n san owó ọ̀pá 72. Ká ní 60 la kọ sínú fọ́ọ̀mù, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún òfò náà, ìyẹn owó ọ̀pá 48, ni wọ́n ì bá mú, wọn ì bá sì yọ 8 kúrò, ó di 40. Ọ̀pá 32 ni fọ́ọ̀mù yẹn nìkan ì bá gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn olè.

Mo béèrè owó àpò sìmẹ́ńtì 15 pẹ̀lú, èyí tí a rí i pé ó dín nígbà tí a ń ka sitọ́ọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn ò san án. Ágádágodo kò já, ìwé fómànù kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n jáde. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni wọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́lé fi ọkàn sí jù. Abala kan wà nínú ìwé náà fún ẹni tí iṣẹ́ wa bá ṣe léṣe, mo sì rò pé bíríkìlà wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ará ìta ni abala yẹn wà fún: ẹni tí búlọ́ọ̀kù bá bọ́ lù lójú ọ̀nà, tàbí aládùúgbò tí ògiri rẹ̀ sán nítorí ilẹ̀ tí a gbẹ́. Wọ́n yọ òṣìṣẹ́ èmi àti ti agbaṣẹ́ṣe sílẹ̀ kedere. Ìwé adójútòfò mìíràn ló ń bójú tó wọn, iye owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Mo ní kí agbaṣẹ́ṣe fi tirẹ̀ hàn mí. Ó ní òun ní in, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kò sẹ́ni tó gun ògiri títí ó fi sọ ọ́ dọ̀tun, tí mo sì rí i pé àwọn kápẹ́ńtà tó gbà síṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ wà nínú iye tó kọ.

Ọ̀kan nínú àwọn kápẹ́ńtà yẹn ló já bọ́ nígbà tí a ń kan òrùlé, tí egungun apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Fómànù kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti orúkọ àwọn tó rí i sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó ṣú. Ìwé agbaṣẹ́ṣe ló san owó ilé ìwòsàn, ó sì san apá kan nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ títí apá náà fi jinná.